Ojú ìwé mẹ́wàá di méjì: ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú kíláàsì

Ẹ kú ìjókòó o. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ojú ìwé mẹ́wàá ni, lórí bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe bá owó orí jà ní Abẹ́òkúta níbí. Bí ẹ bá pín in fún kíláàsì bó ṣe wà, wọ́n á kà á tán, wọ́n á kan sáárá sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ọ̀rọ̀ á sì tán, torí òǹkọ̀wé ti bá wọn ro gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé e kù sí ojú ìwé méjì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn lè ro ó, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹnì kan ti dúró sí oríta. Nínú ìwé yìí, ọdún 1947 ni. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ títí, owó orí kò kúrò nílẹ̀. Kí ni ó kàn? Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gé e. Bí wọ́n ṣe ya bo ààfin Aké, bí Aláké Adémọ́lá Kejì ṣe fi oyè sílẹ̀ ní 1949, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé olùkọ́.

Ẹ máa ní, ọmọ Abẹ́òkúta wo ni kò mọ ibi tó já sí? Kò burú. A kò ní bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn ìyá yẹn mọ̀ lọ́jọ́ náà la máa bi wọ́n.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ èròńgbà ẹ̀kọ́ sílẹ̀. “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye ìjà náà” kò ṣeé wọ̀n. Ẹ kọ báyìí: “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè yan ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, kíkọ̀ láti san owó orí, tàbí ìwọ́de, yóò sì fi ẹ̀rí inú ìwé tì í lẹ́yìn.” Ìpínrọ̀ tí kò bá ran èyí lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́. Ìtàn Olúmọ àti Ṣódẹkẹ́ dùn, ó sì ká mi lára láti gé e, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ kankan níbí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ṣèèṣì gé ni àwíjàre apá kejì: pé ìjọba ìbílẹ̀ ń ná owó orí náà, pé àwọn òyìnbó wà lẹ́yìn Aláké. Bí ìyẹn bá lọ, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òǹkọ̀wé, bíi “ìwà ìkà”, ni kí ẹ pa rẹ́.

Ìbéèrè wá kù. Ẹ fi èyí ṣíde: “Bí ẹ bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, kí lẹ sì máa sọ?” Lẹ́yìn náà: “Bí obìnrin bá dẹ́kun owó sísan, ta ni ó máa kọ́kọ́ pa lára?” Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn láì ṣí ìwé, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ wá fún olùkọ́ bíi méjì kà. Bí gbogbo wọn bá yan ọ̀nà kan náà wéré, ìwé yín ti gbè sápá kan. Ẹ padà sínú ojú ìwé mẹ́wàá yẹn, kí ẹ wá ohun tí ààfin sọ.