Bí A Ṣe Ń Béèrè Ìtàn Ìrora: Ọ̀rọ̀ Inú Rírun Kan ní Múṣin

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ẹlẹgbẹ́ mi ni ẹ ń wò lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Ó ń dúró fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Múṣin, tí ìyá rẹ̀ mú wá sọ́dọ̀ wa ní òwúrọ̀. Kí ọmọ tó lanu ni ìyá ti sọ̀rọ̀: “Dókítà, inú ló ń run ún. Ẹ bá wa fún un ní oògùn aràn.”

Ojú ibi tí ó ti ń dun ènìyàn ni a ó kọ́kọ́ béèrè. Nínú èdè wa, “inú” lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà títí dé abẹ́ ìdodo, nítorí náà ẹ má kọ “inú rírun” sílẹ̀ kí ẹ sì rò pé ẹ ti mọ ibẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ, n óò gbọ́ tiyín náà.” Mo wá sọ fún ọmọ náà pé kí ó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tí ó ti ń dùn ún jù. Ẹ wo ìka rẹ̀: apá ọ̀tún ni, nísàlẹ̀, láàárín ìdodo àti egungun ìbàdí. Bí aláìsàn bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn, tí kò rí ojú kan tọ́ka sí, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló kàn. Ó ní “àná” ni, ṣùgbọ́n àná gùn. Mo béèrè pé, “Kí lo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀?” Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, òun padà sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń le díẹ̀díẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìrora òjijì tí ènìyàn lè sọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, irú èyí tí í wáyé bí ọgbẹ́ inú bá dá ihò sí ikùn.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa ń fò wà níbí: “Ṣé ibi tí o tọ́ka sí yìí náà ló ti bẹ̀rẹ̀?” Ó mi orí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra àyíká ìdodo rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi sùn. Nígbà tó jí ní ìdájí, ó ti wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣan ìmọ̀lára tó wá láti inú ìfun kò lè sọ ojú ibi gan-an. Àpẹ́ńdíìsì, ẹ̀ka kékeré tó yọ lára ìfun ńlá nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ni mo fura pé ó wú. Iṣan tirẹ̀ àti ti awọ àyíká ìdodo jọ ń wọ ibì kan náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni, ìdí nìyẹn tí ọpọlọ fi ń gbé ìrora náà sí ìdodo. Ìgbà tí wíwú náà bá dé ara awọ tó tẹ́ ògiri ikùn nínú ni aláìsàn tó lè fi ìka kan tọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn àpẹ́ńdíìsì ló ń rí ìṣípòpadà yìí, nítorí náà bí kò bá sí, ẹ má tìtorí rẹ̀ lé àìsàn náà kúrò lọ́kàn.

Ní ti irú ìrora, ẹ má bi í pé, “Ṣé ó ń ta ọ́?” Yóò ní “bẹ́ẹ̀ ni” láti bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ bi í pé, “Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?” kí ẹ sì dákẹ́. Ọmọ yìí ní lánàá ó kàn ń ro òun. Nísinsìnyí ó ń gún òun, pàápàá gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn wá bá kó sí kòtò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Gígún nínú kòtò yẹn sọ pé awọ tó tẹ́ ògiri ikùn nínú ti ń bínú.

Ó wá ku ibi tí ó ràn dé. Ìrora tó ṣípò ti fi ibi àkọ́kọ́ sílẹ̀. Èyí tó ràn ṣì wà níbẹ̀, ó tún na ọwọ́ síbòmíràn. Òkúta inú kíndìnrín a máa ràn láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí lọ sí abẹ́; ti òróńro a máa ràn dé èjìká ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin, ẹ ní kí ìyá rẹ̀ bọ́ síta díẹ̀, kí ẹ tó béèrè nípa kórópọ̀n, nítorí kórópọ̀n tí okùn rẹ̀ lọ́ lè fara hàn bí inú rírun. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo béèrè lójú ìyá ọmọ kan. Ọmọ náà ní kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni ìtìjú tó fi í sílẹ̀, a kò sì rí kórópọ̀n náà gbà là mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ti ọmọ Múṣin yìí kò ràn síbì kankan, kórópọ̀n rẹ̀ kò sì dùn ún nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo kọ sínú fáìlì rẹ̀ kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ nìyí: “Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdodo lẹ́yìn Alásárì àná, ó ń ro, ó ṣípò sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún ní ìdájí, ó ń gún bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, kò ràn.”