Bí a ṣe ń gbé ΔH láti 298 K dé 700 K: ọ̀rọ̀ amóníà

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú yín yìí: −92.2 kJ. Ooru tó ń jáde nìyẹn nígbà tí móòlù kan náítírójìn bá dara pọ̀ mọ́ móòlù mẹ́ta háídírójìn, tí wọ́n sì di móòlù méjì amóníà.

```
N2 + 3H2 → 2NH3      ΔH(298 K) = −92.2 kJ
```

Ẹ má fojú fo 298 K yẹn o. 25 °C nìyẹn, ìgbóná yẹn nìkan sì ni nọ́ńbà yìí wà fún. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe amóníà kì í ṣe é ní 25 °C. Láàárín 400 °C sí 500 °C ni inú ìléru wọn máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ ṣètò bí wọ́n ṣe máa fa ooru kúrò nínú ìléru náà, tó wá gbé 92.2 kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣirò rẹ̀ ti wọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà náà dé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Àwa náà máa gbé e lónìí, láti 298 K dé 700 K, tó jẹ́ 427 °C.

Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí ẹńtálípì jẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni ìdí tí ΔH fi ń yí padà rárá.

Ẹ fojú inú wo àtẹ̀gùn gíga kan. Èèyàn méjì dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó wà lókè ni àwọn èròjà wa, náítírójìn àti háídírójìn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni àbájáde, ìyẹn amóníà. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ΔH. Ní 298 K, àlàfo náà jẹ́ 92.2 kJ, àmì ìyọkúrò tó wà níwájú rẹ̀ sì ń sọ fún wa pé láti òkè là ń sọ̀ kalẹ̀. Ó yá, ẹ wá máa mú kí ibẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, torí ohunkóhun tó bá ń gbóná, ẹńtálípì rẹ̀ ń ròkè ni.

Ṣé ẹsẹ̀ wọn á dọ́gba? Rárá o! Cp kálukú ló ń sọ bó ṣe máa yá a lẹ́sẹ̀ tó. Cp yìí ni iye júùlù tí móòlù kan máa gbà kí ìgbóná rẹ̀ tó fi Kẹ́lífíìnì kan lọ sókè. Bí ẹni òkè bá yára ju ẹni ìsàlẹ̀ lọ, àlàfo á fẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ẹni ìsàlẹ̀ ló yára jù, àlàfo á dín kù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Gustav Kirchhoff, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, fi lélẹ̀ ní 1858 nìyẹn:

```
ΔH(T2) = ΔH(T1) + ΔCp × (T2 − T1)
```

Mo fẹ́ràn àtẹ̀gùn yìí ju fọ́múlà náà lọ, mi ò sì ní fi bò fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, fọ́múlà nìkan ni wọ́n kọ sójú pátákó, mo sì há a sórí dáadáa. Àmọ́ bí ìdáhùn mi bá jáde, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ooru pọ̀ sí i tàbí kó dín kù. Ọjọ́ tí mo ya èèyàn méjì sórí àtẹ̀gùn létí ìwé mi ni ojú mi là sí i. Ẹ yà á sétí ìwé tiyín náà kí ẹ tó fọwọ́ kan kakuletọ.

Wàyí o, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú la dé yìí. ΔCp, ìyẹn Cp àbájáde tí a ti yọ ti èròjà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rọra.

Ohun tí tábìlì fún wa rèé, ní 298 K, fún móòlù KAN ṣoṣo:

```
N2    29.1 J/(mol K)
H2    28.8 J/(mol K)
NH3   35.1 J/(mol K)
```

Mo mọ ohun tí ọwọ́ yín fẹ́ ṣe. Ẹ fẹ́ mú 35.1, kí ẹ yọ 29.1 kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tún yọ 28.8. Ẹ DÚRÓ! Háídírójìn mélòó ló wà nínú ìdọ́gba wa? Mẹ́ta ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gun àtẹ̀gùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba ooru. Amóníà ńkọ́? Méjì. Nítorí náà:

```
àbájáde:  2 × 35.1 = 70.2
èròjà:    29.1 + 3 × 28.8 = 115.5
ΔCp = 70.2 − 115.5 = −45.3 J/K
```

Ẹni tí kò bá fi iye móòlù sọ ọ́ di púpọ̀ á rí −22.8, nǹkan bí ìdajì ohun tó yẹ kó rí. Ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ nípa àṣìṣe yìí ni pé kì í pariwo. Ìdáhùn tó bá tibẹ̀ jáde á jọ òótọ́, àmì rẹ̀ á tọ̀nà, kò sì sí ohun tó máa ta yín lólobó. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí: Ẹ KỌ́KỌ́ FI IYE MÓÒLÙ SỌ CP DI PÚPỌ̀, KÍ Ẹ TÓ YỌ Ọ̀KAN NÍNÚ ÌKEJÌ. Àbájáde ló ń ṣíwájú, èròjà là ń yọ kúrò.

Ó dáa, ẹ padà sórí àtẹ̀gùn. Bí ìgbóná bá fi Kẹ́lífíìnì kan gòkè, èròjà á gun 115.5, àbájáde á gun 70.2. Ẹni òkè ló yára. Àlàfo á fẹ̀. A ò tíì ṣírò ohunkóhun dé òpin, a sì ti mọ̀ pé ní 700 K, ooru tó máa jáde á ju 92.2 lọ. Bí ìdáhùn yín bá wá já sí −74, ẹ ti gbé àmì kan sódì nìyẹn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Èyí tó kù yá. 700 dín 298 jẹ́ 402. Ẹni tó bá ń fi Sẹ́síọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ náà á rí 402, torí 427 dín 25 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 273 kún ìyàtọ̀! Ibi tí èèyàn dúró là ń fi 273 kún, a kì í fi kún ìrìn tó rìn.

```
−45.3 × 402 = −18211 J = −18.2 kJ
ΔH(700 K) = −92.2 − 18.2 = −110.4 kJ
```

Ẹ rí i pé mo pín in sí 1000 kí n tó fi kún un? Júùlù ni Cp ń sọ, kilojúùlù ni ΔH ń sọ. Àṣìṣe tibí ń pariwo ní tiẹ̀, torí ẹ máa rí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, ẹ sì máa mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà míì wò. Ká ní èròjà wa wà ní 700 K. Ẹ jẹ́ ká mú kí wọ́n tutù padà dé 298 K: 115.5 lọ́nà 402, ooru 46.4 kJ ló jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di amóníà níbẹ̀: 92.2 tún jáde. Ẹ wá mú amóníà náà gbóná padà dé 700 K: 70.2 lọ́nà 402, ó gba 28.2 kJ wọlé. Àpapọ̀ ohun tó jáde, 46.4 àti 92.2, ẹ yọ 28.2 kúrò: 110.4. Ibì kan náà la já sí! Ibi tí a ti gbéra àti ibi tí a dé ni ẹńtálípì ń wò, kò bìkítà nípa ọ̀nà tí a gbà. Inú mi máa ń dùn gan-an nígbàkigbà tí méjèèjì bá pàdé báyìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù, mi ò sì ní fi yín sílẹ̀ láìsọ ọ́. A ṣe bí ẹni pé Cp kì í yí padà láti 298 dé 700. Fún náítírójìn àti háídírójìn, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ní 700 K, náítírójìn wà ní nǹkan bí 31, háídírójìn ò tíì pé 30. Amóníà ló yàtọ̀: láti 35 ló ti fò dé 47! Ìdí ni pé átọ́ọ̀mù mẹ́rin ló so mọ́ra nínú rẹ̀, bí ìgbóná sì ṣe ń pọ̀, oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà máa gbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì máa gba ooru tirẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ ń yára sí i bó ṣe ń gòkè.

Nítorí náà, ní 700 K, ΔCp ò sí ní −45.3 mọ́. Ó ti di nǹkan bí −26. Ohun tí èmi máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ ìdáhùn kíá ni pé mo máa mú ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, mo máa pa wọ́n pọ̀, mo máa pín in sí méjì:

```
ΔCp àárín = (−45.3 − 26) / 2 ≈ −35.7 J/K
−35.7 × 402 ≈ −14.4 kJ
ΔH(700 K) ≈ −106.6 kJ
```

Ẹni tó bá fara balẹ̀ lo fọ́múlà tí Cp ti ń bá ìgbóná yí padà, tó sì ṣe íńtígírà rẹ̀, á rí nǹkan bí −106.1. Ẹ rí i bí a ṣe sún mọ́ ọn tó! Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe fi nǹkan bí 4 kJ kọjá. Bí ìrìn náà ò bá ju àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún Kẹ́lífíìnì lọ, ẹ lo Cp ti 298 láìfòyà. Bó bá gùn tó tiwa yìí, ẹ wá Cp ti òpin kún un.

Amóníà tún ṣàánú wa lórí ohun kan: gáàsì ni òun àti àwọn èròjà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ooru tó ń jáde nígbà tí háídírójìn àti ọ́síjìn di omi dé 400 K, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti −285.8 kJ tó jẹ́ ti omi ṣíṣàn, ẹ máa gun àtẹ̀gùn dé 373 K, àtẹ̀gùn á sì já níbẹ̀. Omi ti hó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi 40.7 kJ tí móòlù kan fi ń hó kún un, kí ẹ wá pààrọ̀ Cp omi ṣíṣàn sí ti omi tó ti di gáàsì, kí ẹ tó gun ìyókù dé 400. Tàbí kí ẹ kúkú bẹ̀rẹ̀ láti −241.8 kJ, tí tábìlì kọ fún omi tó ti di gáàsì ní 298 K, kí ẹ sì lo Cp gáàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi, ìyẹn ni mo máa ń yàn.