Ìwé Iṣẹ́ Máníjà Àkọ́kọ́: Inú Ìbéèrè Àwọn Òṣìṣẹ́ Ni Kí Ẹ Ti Kọ Ọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Arábìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn ló mú ìwé tó kọ nípa iṣẹ́ máníjà wá bá mi. Iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti di 18, ó sì fẹ́ gba máníjà àkọ́kọ́ tí yóò máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó kọ ọ́ pé òun ń wá ẹni tó gbóná lẹ́nu iṣẹ́, “tí yóò máa bójú tó gbogbo nǹkan.” Mo bi í pé bí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán láago méjì òru, tí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò wà nílẹ̀, ṣé máníjà yìí lè ra epo láìkọ́kọ́ pè é? Ó dákẹ́. Ìwé rẹ̀ kò sọ.

Mo ní kó ra ìwé àjákọ kan, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ bá gbé wá bá a, pẹ̀lú èsì tó fún wọn. Ìbéèrè 71 ló kó dé. Táyà ọkọ̀ ti jò. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ò wá. Oníbàárà kan fẹ́ dá búrẹ́dì 20 padà.

A jókòó tì í, a pín in. Mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú wọn kò la owó lọ rárá. Gbogbo ìyẹn di iṣẹ́ máníjà. Mẹ́tàdínlógún ló la owó lọ, a sì fi ààlà sí i: bí kò bá ju 50,000 náírà lọ, kó ná an, kó ròyìn ní ìrọ̀lẹ́. Mẹ́jọ tó kù, bí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì àti lílé òṣìṣẹ́, ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé iṣẹ́. A kọ ìyẹn náà sínú ìwé, torí ibi tí àṣẹ parí sí gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó tún ti kọ ọ́ pé máníjà ni yóò máa ra ìyẹ̀fun, tí yóò gbà á wọlé, tí yóò sì san owó rẹ̀. Mo fa ìlà yẹn nù. Ẹni kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó: bí àpò kan bá dín, ta ni yóò rí i? Ní báyìí, máníjà ń béèrè ọjà, ẹni tó ń tọ́jú sítóò ń kà á, ó ń fọwọ́ sí i, arábìnrin yìí ló ń sanwó.

Lẹ́yìn náà la wá kọ ohun tí a ó fi mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. “Kó bójú tó ọkọ̀” kò tó. A kọ ọ́ pé aago mẹ́fà àárọ̀, ọkọ̀ ti jáde. Búrẹ́dì tí wọ́n ń dá padà jẹ́ mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó kà á, nítorí náà a ní kó di mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ ka iye tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ má baà gbé ẹrù tí kò ṣeé gbé lé ẹni ẹlẹ́ni lórí.

Òkè pátápátá la kọ ọ́ sí pé ọ̀dọ̀ máníjà ni dírẹ́bà àti àwọn tó ń po ìyẹ̀fun yóò máa gbé ìbéèrè lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, dírẹ́bà ṣì ń pe arábìnrin yìí. Ó ń gbé fóònù náà, ó sì ń bi í pé, “Kí ni máníjà sọ?”