Ohun Tí Lọ́yà Lè Fi Han Èèyàn Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin lọ́yà àti ẹ̀yin àkántáǹtì. Àwọn kan ń kọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́yà pé kí ẹ dé wíìgì, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ẹjọ́ mẹ́wàá, mo jàre mẹ́wẹ̀ẹ̀wá." Ẹ má dá wọn lóhùn, ìjàǹbá ni wọ́n ń kọ́ yín. Abala 39 òfin ìwà lọ́yà ti 2007 gbà kí lọ́yà polówó ara rẹ̀ níwọ̀n tó yẹ, ṣùgbọ́n kò gbà kó máa ròyìn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó tàbí bó ṣe ń jàre sí, kò sì gbà kó fi ara rẹ̀ wé lọ́yà mìíràn. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2023. Ẹ ka tuntun yẹn kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta.

Kí ló wá kù tí ẹ lè fi han èèyàn? Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣiṣẹ́ ni. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí n'Íbàdàn. Ó ti rí rìsíìtì, ó ti rí ìwé sọ̀fè, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Fọ́tò yín kò lè lé ẹ̀rù yẹn lọ. Ẹ kọ ọ́ fún un pé kó mú sọ̀fè yẹn lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ sọ ibi tí àyẹ̀wò yẹn mọ pẹ̀lú, torí kò lè sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà. Bí àwọn olórí ojúlé bá tà á láìsí olórí ẹbí, bí ẹni tí kò tà rárá ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn yòókù lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Ẹni tó bá ka èyí, tó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tó débẹ̀, á wá yín wá.

Mo fẹ́ bọ́ sórí àkántáǹtì nígbà tí arábìnrin kan nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oníbàárà mi fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ránṣẹ́ lórí Wọ́ńsáàpù. Bí mo bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ṣé mo lè gbé e síta?" Mo ní kó kà á. Ó kà á: "Lọ́yà wa, ẹ ṣé o. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé epo ti padà sọ́wọ́ wa, ojú ti àbúrò bàbá wa."

Ọmọ mi, gbogbo àdúgbò ló mọ ilé epo yẹn, wọ́n sì mọ àbúrò bàbá náà. Orúkọ lo pa rẹ́, àṣírí ṣì wà ńbẹ̀. Ìbéèrè òfin inú rẹ̀ nìkan ni kó o mú jáde: ṣé ẹnì kan lè dá ilẹ̀ ẹbí tà? Dáhùn ìyẹn, kó o má sọ pé ẹnikẹ́ni bi ọ́.

Ẹ̀yin àkántáǹtì, ẹ má bínú, àkókò ti lọ. Ẹ fi han ọlọ́jà bí wọ́n ṣe ń to rìsíìtì sílẹ̀ kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí a ń fi ìwé fáàtì sílẹ̀ tó pé. Àmọ́ ẹ fúnra yín ni kí ẹ ṣe rìsíìtì tí ẹ máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹ má mú ti oníbàárà.