Ìtọ̀ Ló Kọ́kọ́ Ń Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Omi Tó Wọlé àti Èyí Tó Jáde Lára Aláìsàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kétu ni mo wà, ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti gbẹ. Ẹ sún mọ́ ìwé tó wà lórí tábìlì yìí. Apá òsì ni a ń kọ ohun tó wọlé sí, apá ọ̀tún ni ti ohun tó jáde. Ìyá àgbà kan tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń bì, ló ni ín. Kílò 50 ni ìwọ̀n rẹ̀. Láti aago 6 àárọ̀ títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni a fi kọ ọ́.

Kí ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ wọn ife tí wọ́n fi ń fún un lómi. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì tó ní ìlà. Èyí tí ọmọ rẹ̀ gbé wá láti ilé gba mílílítà 150. Bí ẹ bá kàn kọ "ife mẹ́ta" sílẹ̀, ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín kò ní mọ ife tí ẹ ń sọ.

Ó mu ife mẹ́ta omi oníyọ̀ òun ṣúgà, ìyẹn 450. Ó mu ògì tó ṣàn, 200, àti omi lásán, 100. Wọ́n so àpò sẹ́rọ̀mù 500 sí i. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,250. Ìgbẹ́ jẹ́ 900, ìtọ̀ jẹ́ 260, àpapọ̀ 1,160. Ẹ yọ èyí tó jáde kúrò nínú èyí tó wọlé: ó ku 90. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fọkàn balẹ̀, ó ní omi tó wọlé ju èyí tó jáde lọ.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sẹ́bàá ibùsùn. Àpò sẹ́rọ̀mù ṣì wà lórí ìkọ́, 200 ṣì kù nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n so ó kọ́ ni wọ́n ti kọ 500. Ohun tó ti wọ ara nìkan ni ká máa kọ, torí náà 300 ni. Mo wá bi ọmọ ìyá léèrè bóyá ìyá rẹ̀ bì. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni, mo ti dà á nù." A bu omi sínú àwo tó fi gbà á dé ibi tó fi hàn wá, a wọ̀n ọ́n: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350. Ẹ wá tún un ṣe báyìí:

1,050 − 1,510 = −460

Òógùn àti èémí kò sí nínú ìwé yìí rárá. Fún ẹni kílò 50, ẹ lè fojú bù ú sí nǹkan bí 250 láàárín wákàtí 12, ó sì ń pọ̀ sí i bí ibà bá wà. A gbé ìyá gorí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kílò 49.3. Kílò kan dọ́gba pẹ̀lú lítà omi kan: 460 àti 250 jẹ́ 710, ìwọ̀n rẹ̀ sì fi kílò 0.7 dín, ẹ̀rí náà bára mu.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká dúró di aago 6 rárá. Ẹ padà sí ìlà ìtọ̀, kí ẹ pín in ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tọ̀ tó ìdajì mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Fún kílò 50, 25 ni lọ́wákàtí, 100 ní wákàtí mẹ́rin. Ti ìyá jẹ́ 130 títí di aago 10, 85 títí di aago 2 ọ̀sán, 45 títí di aago 6. Aago 2 yẹn ni ara rẹ̀ ti ń ké jáde. Ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì, lílù iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò ní 84, ó di 108 ní ìṣẹ́jú kan, òòyì sì ń kọ́ ọ bó bá dìde.

Ẹ má ṣe fi pé kò bèèrè omi ṣe ìdánilójú, nítorí òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn náà a máa hunjọ fúnra rẹ̀. Igbá àyà ni kí ẹ ti fa awọ wò, bóyá omi ara ti dín. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ̀, kí omi ara rẹ̀ sì máa tán lọ.

A pe dókítà. Ó ní ká mú kí sẹ́rọ̀mù yá sí i, a sì ń fún ìyá ní ife omi oníyọ̀ kan lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kó má baà bì í. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa kò ṣeé sáré fà lómi bẹ́ẹ̀, ẹ bi dókítà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Láti aago 6 sí aago 10 alẹ́, ìyá tọ̀ 110, àwọ̀ ìtọ̀ náà sì ti ṣí.