Kíka ECG oní-líìdì méjìlá nínú ìdánwò: ẹ má tíì wo ST

[Lójú ìwòran: ìwé ECG oní-líìdì méjìlá, líìdì II gígùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀]

Ẹ wo ìwé yìí. Ìbéèrè tó bá a wá nìyí: ọkùnrin ẹni ọdún 58, àyà ti ń dùn ún láti wákàtí méjì sẹ́yìn, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 90/60. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Kí ni ohun tí ẹ máa ṣe tẹ̀ lé e? Ìdáhùn márùn-ún ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí ẹ fi náítíréètì sábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

Ojú akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ dé ibi tí ìlà ST ti gbéra sókè. Bó ṣe rí i báyìí ló sọ pé ìkọlù ọkàn ni, ó sì mú ìdáhùn àkọ́kọ́ tó jọ ìtọ́jú ìkọlù ọkàn. Òótọ́ ni pé ìkọlù ọkàn ni. Ṣùgbọ́n olùbéèrè ti mọ̀ pé ẹ ó rí ìyẹn. Ohun mìíràn ló fi pamọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ la ti ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. ST ni àárín ọbẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo: ìyára, ìlù, ìhà, kí a tó wá dé ọ̀dọ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀.

[Àwòrán sún mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé náà]

Ká tó ka ohunkóhun, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó gbọ́dọ̀ kà báyìí: `25 mm/s`, `10 mm/mV`. Ìyẹn ló jẹ́ kí àpótí kékeré kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 0.04, kí àpótí ńlá kan sì dúró fún 0.2. Bí ìwé bá ń sáré ní 50, gbogbo nǹkan á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ ó sì pe ọkàn tó ń lù dáadáa ní ọkàn tó ń falẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 5 mm/mV, ST tó ga sókè ní mìlímítà méjì á dà bí ẹyọ kan péré lójú yín. Tiwa yìí pé.

Ó kan ìyára. Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé kí a ka àpótí ńlá tó wà láàárín QRS méjì, kí a fi pín 300. Ọ̀nà náà dára nígbà tí QRS bá ń tẹ̀ léra wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ wá wo líìdì II gígùn wa. Láàárín QRS kìíní àti ìkejì, àpótí ńlá mẹ́rin ó lé díẹ̀. Láàárín ìkejì àti ìkẹta, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, ó ju àpótí méje lọ. Ẹni tó bá fi àlàfo kúkúrú ṣírò á rí bíi 70. Ẹni tó bá fi àlàfo gígùn ṣírò á rí bíi 40. Olùbéèrè sì lè fi iye méjèèjì sínú àwọn ìdáhùn.

Nígbà tí àlàfo kò bá dọ́gba, ẹ gbàgbé 300. Líìdì gígùn náà jẹ́ àpótí ńlá àádọ́ta, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ ka gbogbo QRS tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Mẹ́sàn-án ló wà níbí. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 54. Ọkàn yìí ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kò falẹ̀ jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn: 54 nìkan kì í sábàá tó láti fa ìfúnpá wálẹ̀ dé 90. Ohun mìíràn wà ńbẹ̀.

[Àwọn ìgbì P tàn ní àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan]

Ìlù ló kàn, ibí yìí ni mo sì fẹ́ ká ti rọra rìn jù lọ. Ẹ mú bébà pélébé kan, ẹ fi sí abẹ́ ìgbì P méjì tó tẹ̀ léra, ẹ fi bírò sàmì sí wọn, kí ẹ wá máa sún bébà náà lọ sí ọ̀tún. Gbogbo P ló bọ́ sórí àmì, àpótí ńlá mẹ́rin mẹ́rin. Ìyẹn ni pé yàrá òkè ọkàn ń lù ní 75, kò yẹ̀ rárá. P dúró sókè ní líìdì II, nítorí náà ibi tó yẹ ni ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí P bá pé tí QRS kò pé, a jẹ́ pé àárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni ìdínà wà.

Ẹ wá wọn PR, láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ QRS. Àpótí kékeré mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ márùn-ún. Ti ìkejì jẹ́ méje. Ti ìkẹta jẹ́ mẹ́jọ. P kẹrin dé, QRS kankan kò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìsinmi yẹn, PR tún padà sí márùn-ún, ó sì tún ń gùn lọ. Ìdínà ìpele kejì ti Wẹ́ńkẹbáàkì nìyí. Ibi tí àwọn kan ti ń ṣìnà ni pé wọ́n wọn PR kan ṣoṣo, wọ́n rí mẹ́jọ, wọ́n sì pè é ní ìdínà ìpele kìíní. Àwọn mìíràn rí P tí kò ní QRS, wọ́n ti sọ pé ìdínà pátápátá ni. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni pé kí ẹ fi PR tó ṣáájú ìsinmi wé PR tó tẹ̀ lé ìsinmi. Bí ti ẹ̀yìn bá kúrú ju ti iwájú lọ, Wẹ́ńkẹbáàkì ni. Bí gbogbo PR bá dọ́gba tí QRS kan sì ṣàdédé sọnù, irú kejì ni, ìyẹn ló burú jù, nítorí pé ó lè di ìdínà pátápátá láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

QRS fúnra rẹ̀ kò tó àpótí kékeré mẹ́ta ní fífẹ̀, nítorí náà ọ̀nà tí iná ń gbà ní ìsàlẹ̀ ọkàn kò bàjẹ́. Èyí bá Wẹ́ńkẹbáàkì mu: kókó tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni wàhálà náà wà.

Ìhà tí iná ọkàn kọjú sí kò gba àkókò. Líìdì I ń wò ó láti apá òsì, aVF ń wò ó láti ẹsẹ̀. Bí QRS bá dúró sókè nínú méjèèjì, ìhà náà pé. Bí I bá wà lókè tí aVF wà nísàlẹ̀, ẹ wo II kí ẹ tó sọ̀rọ̀: bí II bá ṣì wà lókè, ó ṣì pé, bí òun náà bá lọ sísàlẹ̀, ó ti yẹ̀ sí òsì. Bí I bá wà nísàlẹ̀ tí aVF wà lókè, ó yẹ̀ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ P wò nínú líìdì I. P tó dojú bolẹ̀ níbẹ̀, tí aVR sì dúró sókè, tí V5 àti V6 rí bó ṣe yẹ, sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé wáyà ọwọ́ méjèèjì fún ara wọn.

Nínú ìwé tiwa, líìdì I gòkè ní márùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀ ní méjì, ó ṣẹ́ ku mẹ́ta lókè. aVF gòkè ní mẹ́fà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní méjì, ó ṣẹ́ ku mẹ́rin. Ìhà náà pé. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí QRS parí sí ni mo ti dá ìṣírò dúró. ST tó ga nínú aVF máa ń lẹ̀ mọ́ QRS, ẹni tó bá sì kà á mọ́ ọn á rí ìhà tí kò sí níbẹ̀.

[Gbogbo líìdì méjìlá, ìlà ìsàlẹ̀ ST di pupa]

Ó wá ku àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹ wọn ST láti ojú J, ìyẹn ibi tí QRS ti parí, ẹ fi ìlà tó ṣáájú QRS ṣe ìpìlẹ̀. Gígasókè mìlímítà kan nínú líìdì méjì tó jẹ́ aládùúgbò ti tó láti pè é ní ìkọlù ọkàn, àyàfi ní V2 àti V3. Níbẹ̀, ọkùnrin tó ti pé ogójì ọdún nílò 2, ọkùnrin tí kò tó ogójì nílò 2.5, obìnrin nílò 1.5.

Àwọn aládùúgbò kì í ṣe àwọn tó wà nítòsí ara wọn lórí bébà. II, III àti aVF ń wo ìsàlẹ̀ ọkàn. I, aVL, V5 àti V6 ń wo ẹ̀gbẹ́ òsì. V1 dé V4 ń wo iwájú. Lórí ìwé wa, II ga ní mìlímítà 2, III ga ní 3, aVF ga ní 2.5. Ìsàlẹ̀ ọkàn ni. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀: aVL lọ sísàlẹ̀ ní 2, I lọ sísàlẹ̀ ní 1. Òdìkejì yìí ló mú un yàtọ̀ sí àpò ọkàn tó wú, níbi tí ST ti máa ń ga káàkiri tí PR sì ń lọ sísàlẹ̀, láìsí ìdojúbolẹ̀ àyàfi ní aVR àti V1. Ẹ tún lè fi ìṣírò yẹ ojú yín wò, nítorí pé `I + III = II`: òdì 1 pẹ̀lú 3 jẹ́ 2. Ó bára mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ti dúró níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun méjì sí i. III ga ju II lọ, èyí tó ń tọ́ka sí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ti apá ọ̀tún. V1 náà ga ní mìlímítà kan, nígbà tí V2 lọ sísàlẹ̀. Nínú gbogbo líìdì àyà, V1 ló sún mọ́ yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún jù, ohun tó sì ń sọ ni pé yàrá yẹn náà ti wà nínú ìkọlù.

Nísinsìnyí ẹ rántí ìlù. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, òpó ẹ̀jẹ̀ ọ̀tún yìí kan náà ló ń bọ́ kókó àárín ọkàn. Òpó kan ṣoṣo tó dí ló fa ST, ló fa Wẹ́ńkẹbáàkì. Ìfúnpá 90/60 pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó mọ́ náà ti ní àlàyé: yàrá ọ̀tún kò lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá òsì mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti ara ló sì gbára lé. Náítíréètì máa ń fẹ òpó ẹ̀jẹ̀, á dín ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ kù, ìfúnpá á sì já lulẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni pàkúté tí wọ́n dẹ.

Ìdáhùn tó tọ́ ni pé kí ẹ gba ECG apá ọ̀tún kíákíá. Ẹ mú wáyà V4 kúrò ní òsì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àlàfo karùn-ún láàárín egungun ìhà lápá ọ̀tún, lórí ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti àárín egungun èjìká iwájú. Ẹ fọwọ́ kọ `V4R` sórí ìwé náà, torí ẹ̀rọ á ṣì máa tẹ V4. Gígasókè 0.5 mìlímítà níbẹ̀ ti tó fún ọkùnrin ọjọ́ orí yìí. Kí èyí má ṣe dá asipiríìnì dúró, kí ó má sì fa ìdádúró ìpè sí àwọn tí yóò fi bàlúùnù ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ìbéèrè bá tún ní kí ẹ ṣe nǹkan sí ìfúnpá, omi inú iṣan ni, bíi mílílítà 250, kí ẹ tún ẹ̀dọ̀fóró gbọ́ kí ẹ tó fi kún un.