Iye Ìparí: Ohun Tí Ìdàgbàsókè Ayérayé Ń Ná Ilé-iṣẹ́

Ẹ káàbọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ mọ iye tí odidi ilé-iṣẹ́ kan tó, a máa ń ṣírò owó tí yóò máa ṣẹ́kù lọ́dọọdún lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti san owó orí, tí ó sì ti ra ohun gbogbo tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò kí ó lè máa tẹ̀ síwájú. Àwọn onípìn-ín àti àwọn tí wọ́n yá ilé-iṣẹ́ náà lówó ni wọ́n jọ ni owó yìí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi yọ èlé kúrò nínú rẹ̀. FCFF ni a ń pè é, bí a sì ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
FCFF = EBIT × (1 − t) + D&A − Capex − ΔNWC
```

EBIT ni èrè iṣẹ́ kí a tó san èlé àti owó orí, t sì ni ìdá tí owó orí ń mú lọ. D&A ni iye tí ohun ìní fi ń dín kù lọ́dọọdún, tí a dá padà nítorí pé owó kankan kò tìtorí rẹ̀ jáde. Capex ni owó tí a fi ra ẹ̀rọ àti ilé. ΔNWC sì ni àfikún owó tí ó há sínú ọjà tí a kó jọ àti gbèsè tí àwọn oníbàárà kò tíì san.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-iṣẹ́ kan tí a fi ọkàn rò. Ní ọdún tí ń bọ̀, èrè iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ mílíọ̀nù 200, owó orí sì jẹ́ 25%, nítorí náà mílíọ̀nù 150 ni yóò kù lẹ́yìn owó orí. A fi mílíọ̀nù 40 ti ìdínkù ohun ìní kún un, a yọ mílíọ̀nù 80 tí a fi ra ẹ̀rọ, a sì yọ mílíọ̀nù 10 tí ó há sínú ọjà. Ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ mílíọ̀nù 100. Ẹ fi ọkàn sí i pé nínú mílíọ̀nù 150 yẹn, mílíọ̀nù 50, tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta, ni ilé-iṣẹ́ náà dá padà sínú iṣẹ́. Ìdá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé lórí.

Ká ní owó tí ń ṣẹ́kù ń fi 8% pọ̀ sí i lọ́dọọdún, láti orí mílíọ̀nù 100 ti ọdún kìn-ín-ní títí dé ọdún karùn-ún, tí àwọn olùfowósí, ìyẹn onípìn-ín àti olówó èlé lápapọ̀, sì ń retí 10% lórí owó wọn. Ìpíndọ́gba ìretí àwọn méjèèjì yìí, gẹ́gẹ́ bí owó tí ìkọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ni WACC, ibẹ̀ sì ni àǹfààní tí èlé ń mú bá owó orí ti wọlé, kì í ṣe inú FCFF. Tí a bá dá owó ọdún márààrún padà sí iye òní, ìyẹn ni pé kí a fi 1.10 pín owó kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí ọdún rẹ̀ jẹ́, tí a sì rò wọ́n pọ̀, yóò tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 438.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kì í kú ní ọdún karùn-ún. Gbogbo owó tí yóò máa wọlé lẹ́yìn ìgbà náà títí ayé ni a máa ń kó sínú òǹkà kan ṣoṣo tí a ń pè ní iye ìparí:

```
TV5 = FCFF6 / (WACC − g)
```

Owó ọdún kẹfà ni ó wà lókè, síbẹ̀ ìparí ọdún karùn-ún ni ìdáhùn rẹ̀ dúró sí, nítorí náà ọdún márùn-ún ni a fi ń dá a padà sí òní, kì í ṣe mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣi ìyẹn ṣe. Lẹ́tà g ni ìdá tí owó náà yóò fi máa dàgbà títí ayé. Ó gbọ́dọ̀ kéré sí WACC, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá tí ọrọ̀ ajé lápapọ̀ fi ń dàgbà lọ, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń yára ju ọrọ̀ ajé lọ títí ayé yóò tóbi ju ọrọ̀ ajé náà fúnra rẹ̀.

Owó ọdún karùn-ún nínú àpẹẹrẹ wa jẹ́ mílíọ̀nù 136. Tí a bá fi g sí 3%, owó ọdún kẹfà yóò jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 140, iye ìparí yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù 2,002. Nígbà tí a bá dá a padà sí òní, ó di mílíọ̀nù 1,243, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo iye ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ wá yí g sí 5% láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn, iye ìparí yóò fò sókè sí mílíọ̀nù 2,857. Mílíọ̀nù 855 wọlé nítorí pé a yí òǹkà kan ṣoṣo padà!

Ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé nìyí. Ìdàgbàsókè nílò ẹ̀rọ, ọjà àti ilé, owó ni a sì fi ń rà wọ́n. Ìdá tí a dá padà sínú iṣẹ́, tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú èrè tí owó tuntun náà ń mú wá, ìyẹn ROIC, ni ó ń bí ìdàgbàsókè. Nígbà tí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ bó ṣe wà, g 3% túmọ̀ sí pé owó tuntun ń mú 9% péré wá, tí kò tó ohun tí olùfowósí ń retí, g 5% sì túmọ̀ sí 15% títí ayé. Láì sọ̀rọ̀, a ti yí ìdájọ́ wa padà nípa bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe dára tó.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ yan ROIC, kí a tó ṣírò owó ọdún kẹfà:

```
FCFF6 = NOPAT6 × (1 − g / ROIC)
```

NOPAT ni èrè iṣẹ́ lẹ́yìn owó orí. Òun náà ń fi 8% pọ̀ sí i láti orí mílíọ̀nù 150, nítorí náà ní ọdún karùn-ún ó ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 204. Ká ní ìdíje ti mú kí ROIC owó tuntun sọ̀ kalẹ̀ dé 10%, tí ó bá WACC dọ́gba. Pẹ̀lú g 3%, ilé-iṣẹ́ yóò dá 30% padà sínú iṣẹ́, iye ìparí yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù 2,102. Pẹ̀lú g 5%, yóò dá ìdajì èrè padà, iye ìparí yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù 2,143. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 855 ti di 41! Owó tí kò mú ju ohun tí olówó rẹ̀ ń retí wá, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè sọ ilé-iṣẹ́ di olówó iyebíye. Èmi gbà gbọ́ pé ibi tí ROIC ti bá WACC dọ́gba yìí ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá lè tọ́ka sí ohun tí yóò dá àwọn abánidíje dúró títí ayé.

Tí a bá fi mílíọ̀nù 438 kún iye òní ti 2,102, tí í ṣe 1,305, odidi ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 1,743. Ti gbogbo olùfowósí ni èyí. Kí a tó pín in sórí ìpín kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ yọ gbèsè kúrò, kí a sì fi owó tí ó wà nílẹ̀ ní báǹkì kún un.

Nígbà tí ẹnìkan bá gbé ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ lọ tààrà sí ọdún tí ó tẹ̀lé ìparí àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìdínkù ohun ìní pọ̀ ju owó tí a fi ra ẹ̀rọ lọ níbẹ̀, nítorí ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan kò lè máa joro kí iṣẹ́ rẹ̀ sì máa gbòòrò títí ayé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdá èrè tí a dá padà sínú iṣẹ́ pín g. Tí ìdáhùn bá ju èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ti rí rí lórí owó rẹ̀ lọ, ẹ ní kí ẹni tí ó ṣe ìṣirò náà sọ ibi tí ó ti rí i.